Orúkọ Kan, Ìtàn Méjì: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tí A Bá Ń Dáhùn Ìbéèrè Lórí Star Wars

Bí ẹnì kan bá bi yín pé kí ló pa Chewbacca, ẹ̀dá onírun gíga inú fíìmù Star Wars, tí ẹ sì dáhùn pé òṣùpá ló já lé e lórí, ẹ ò parọ́. Ìwé kan wà tó sọ bẹ́ẹ̀. Vector Prime ni orúkọ rẹ̀, ó jáde ní 1999, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ Lucasfilm tó ni Star Wars. Síbẹ̀, èsì yín ò tọ̀nà. Nínú fíìmù The Rise of Skywalker tó jáde ní 2019, Chewbacca ń rìn, ó ń bú ramúramù, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù yẹn kẹ́yìn ohun tó wà nínú ìwé náà.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn: kí èèyàn rò pé ìwé tí wọ́n fún láṣẹ nígbà kan ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, ọdún 2014, Lucasfilm, tí Disney ti rà ní 2012, kéde pé fíìmù mẹ́fà tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn àti The Clone Wars, ìyẹn eré àwòrán, ni ìpìlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yẹ̀. Àwọn ìwé ìtàn, ìwé alápèjúwe àti géèmù tó ti jáde ṣáájú, wọ́n kó wọn sábẹ́ orúkọ Legends. Wọn ò jó wọn níná, wọ́n ṣì ń tà wọ́n. Wọ́n kàn ní fíìmù tó ń bọ̀ ò ní tẹ̀ lé wọn mọ́ ni. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, nígbà tí ìwé A New Dawn jáde, ni àwọn ìwé tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá fíìmù rìn nínú ìtàn kan ṣoṣo. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín kì í ṣe "ṣé wọ́n tẹ̀ ẹ́ níwèé?" Ohun tó yẹ ni pé "ìhà wo ló wà lónìí?"

Àwọn kan gbọ́ èyí tán, wọ́n wá fi ọdún nìkan ṣe òṣùwọ̀n: ohun tó bá jáde lẹ́yìn 2014 ti wọlé. Ó máa ń já wọn kulẹ̀. Heir to the Empire jáde ní 1991, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un tẹ̀. Ẹ̀dà tuntun náà ní àkọlé Legends lára èèpo, ẹ̀dà àtijọ́ ò sì ní ohunkóhun tó jọ ọ́, nítorí pé orúkọ yẹn ò tíì sí nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá mú ìwé lọ́wọ́, ẹ ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ oníǹkan sí, kí ẹ wo ọdún tó kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe ọdún àtúntẹ̀. Ti géèmù The Old Republic tún ṣòro díẹ̀: 2011 ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fi ìtàn kún un títí lẹ́yìn 2014, síbẹ̀ Legends ni gbogbo rẹ̀.

Ibi tó ń mú ọ̀mọ̀ràn pàápàá ni kí orúkọ padà wálé láìmú ìtàn rẹ̀ dání. Ẹ wo Thrawn, ọ̀gágun aláwọ̀ búlúù. Inú Heir to the Empire la ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Nínú The Last Command, ìwé kẹta nínú ọ̀wọ́ kan náà, tó jáde ní 1993, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Rukh gún un pa. Ní 2016, wọ́n mú Thrawn wọ Rebels, eré àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ di ara ìtàn tí wọ́n fọwọ́ sí. Òǹkọ̀wé tó dá a sílẹ̀ tún kọ ìwé tuntun lé e lórí ní 2017. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ìtàn ikú rẹ̀ ti bá a wọlé.

Kò bá a wọlé. Rukh náà fara hàn nínú Rebels, ṣùgbọ́n òun gan-an ló kú ní ìparí eré yẹn ní 2018. Zeb, ọ̀kan lára àwọn akọni eré náà, ló pa á. Ní ti Thrawn, àwọn ẹranko ńlá inú òfuurufú ló gbé òun àti ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi jíjìnnà réré, ó sì tún yọjú nínú Ahsoka, eré tẹlifíṣọ̀n mìíràn, ní 2023. Ikú Rukh nínú Rebels ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìtàn fíìmù àkọ́kọ́ tó jáde ní 1977, bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn Return of the Jedi ni ìtàn The Last Command wáyé. Rukh tó ti kú kò lè padà wá gún ọ̀gá rẹ̀ lọ́bẹ. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi yín pé ta ló pa Thrawn, ẹ dáhùn báyìí: "Nínú Legends, Rukh ló pa á, nínú The Last Command. Nínú ìtàn tí wọ́n fọwọ́ sí, ó ṣì wà láàyè ní ìparí Ahsoka ti 2023." Gbólóhùn méjì péré ni, ẹni tó bèèrè á sì mọ ibi tí yóò ti wá a.

Wookieepedia, ìkànnì tí àwọn olólùfẹ́ Star Wars ń kó ìtàn jọ sí, lọ̀pọ̀ ń sáré lọ, kò sì burú, bí èèyàn bá mọ ojú ewé tó wà. Fún ẹni tó ní ìtàn méjì, bọ́tìnì Canon, ìyẹn ìtàn tí wọ́n fọwọ́ sí, àti ti Legends wà lókè, àdírẹ́sì ti ìkejì sì máa ń parí sí `/Legends`. Àmọ́ ẹ má fi àìsí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ẹ̀rí. Legends nìkan ni Mara Jade, obìnrin kan nínú àwọn ìwé àtijọ́, wà, nítorí náà kò sídìí tí wọ́n fi máa pín ojú ewé rẹ̀ sí méjì.

Ẹ má tún wá gba òdìkejì lọ, pé irọ́ ni ohun gbogbo tó bá ti inú ìwé àtijọ́ wá. Coruscant, orúkọ olú ìlú, inú ìwé 1991 yẹn ló ti wá, kó tó wọ fíìmù The Phantom Menace ní 1999. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fíìmù ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀rí.

Àhesọ àwọn olólùfẹ́ ní tirẹ̀ kì í ní ìwé kankan lẹ́yìn, ẹnu ló ń gbé e rìn. Lẹ́yìn tí The Force Awakens jáde ní 2015, ọ̀pọ̀ ń sọ ọ́ káàkiri pé Snoke, olórí àwọn ọ̀tá inú fíìmù yẹn, ni Darth Plagueis, ọ̀gá tó kọ́ Palpatine, aṣebi àgbà inú àwọn fíìmù náà. Nígbà tí yóò fi pé ọdún méjì, "bóyá" ti bọ́ kúrò lẹ́nu wọn. Fíìmù 2019 wá fi àwọn Snoke tí kò tíì pé hàn wá nínú ìgò ńlá, Palpatine sì ní òun lòun ṣe é. Àmì tí ẹ fi lè dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé ẹni tó ń sọ ọ́ á máa to ẹ̀rí jọ: orin tó jọra, ojú tó jọra, ọ̀rọ̀ kan tí Palpatine sọ. Ẹ bi í pé fíìmù wo, ibo nínú rẹ̀, ta ló sì là á lẹ́nu pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí kò bá rí i sọ, àbá ni. Ẹ lè mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n ẹ pè é ní àbá.

Nígbà mìíràn, kò sí èsì rárá, èyí sì ni àwọn tó mọ ìtàn náà dáadáa kì í fẹ́ jẹ́wọ́. Ẹ̀yà wo ni Yoda? Grogu tó jọ ọ́ jáde nínú The Mandalorian ní 2019, síbẹ̀ wọn ò sọ orúkọ ẹ̀yà wọn. Èsì ìbéèrè yẹn ni pé "wọn ò tíì fún un lórúkọ."