Bí mo ṣe wá káàdì ọsibítù míì lẹ́yìn tí wọ́n dín wa kù níbi iṣẹ́

Lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ fún wa ní oṣù kẹjọ sọ iye owó tí wọ́n máa san fún wa, ó sì sọ ọjọ́ tí a máa dá aṣọ iṣẹ́ padà, àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá mi fínra, ojoojúmọ́ ni mo ń lo oògùn. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ wádìí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó.

Àdéhùn adójútòfò ìlera yìí, àárín ilé-iṣẹ́ àti àwọn adójútòfò ló wà, kì í ṣe tèmi. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ orúkọ èèyàn kúrò nínú ìwé, káàdì di páálí lásán, bí ọdún tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ kò bá tiẹ̀ tíì pé. Mo bi ọ̀gá tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ pé ìgbà wo ni owó tí wọ́n ti san máa tán. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń san án, ó sì máa gbé wa dé 30 oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni wọ́n sì fẹ́ yọ orúkọ wa! Abala 20 nínú òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù sọ ìdí ẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó sì sapá láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó. Kò dárúkọ ọsibítù, nítorí náà àwa la ní kí ẹgbẹ́ fi kún ohun tí wọ́n ń bá wọn sọ. Ilé-iṣẹ́ gbà kí orúkọ wa wà níbẹ̀ di 30 oṣù kẹsàn-án, a sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo lo àsìkò yẹn dáadáa. Mo ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín tí dókítà ti ń sọ tipẹ́, mo gba oògùn tó kù, mo sì ní kí wọ́n kọ ìwé nípa àìsàn mi àti ìwọ̀n oògùn mi. Dókítà tuntun kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tó bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ bá àwọn adójútòfò wa àtijọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa dá san owó mi. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní, “Dádì, ẹ lè rà á o, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ yẹn, ó di lẹ́yìn ọdún kan kí àwa tó sanwó lórí ẹ̀.” Mo ní ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ti ń san án. Ó ní ti ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́gbọ́n dání: láàárín ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ le ń bá aláìsàn gbé e, ẹni tó dá wá rà á lè jẹ́ pé àìsàn ló gbé e wá. Ẹnì kan ní kí n má kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù. Mi ò gbà, torí wọ́n lè torí irọ́ yẹn kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní ètò tiwọn, òun ni ǹ bá sì mú ká ní ìyàwó mi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, ló ń bójú tó ìlera àwọn òṣìṣẹ́ yẹn, ètò náà sì gba ọkọ tàbí aya àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Torí káàdì tèmi ni ìyàwó mi kò ṣe fi wá kún tiẹ̀. A mú nọ́ńbà NIN, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ àti fọ́tò lọ. Àkọ́bí wa ti lé ní 18, kò lè bá wa wọlé, àmọ́ yunifásítì tó wà ní ètò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a sì rí i pé orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀.

Ibi tí àlàfo ti ṣẹlẹ̀ ni pé fífi orúkọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí bíbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Oṣooṣù ni orúkọ ń wọ ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọsibítù, nítorí náà oṣù kẹwàá kọjá láìsí ààbò kankan. Owó ọwọ́ mi ni mo fi ra ámílódípìn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, mo sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìdágbére torí àwọn ọmọ. Nígbà tí oṣù kọkànlá wọlé, mi ò dúró de àìsàn. Mo lọ bá akọ̀wé ọsibítù tí a yàn, mo ní kó wá orúkọ wa lójú mi. Tèmi wà, tàwọn ọmọ wà, àmọ́ wọ́n ti kọ ọdún ìbí àbíkẹ́yìn wa lódì. Kíá ni ìyàwó mi lọ ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ni mò ń san báyìí. Ọ̀kan nínú oògùn mi kò sí nínú ìwé oògùn wọn. Ìyẹn ni mo ṣì ń fowó ara mi rà ní Kútọ̀.