Ẹ Má Yọ Iyọ̀ Kúrò Nínú Oúnjẹ Ọmọ Tí Òógùn Rẹ̀ Níyọ̀ Jù

Ikú ọmọ ọdún mẹ́fà kan, ní oṣù kejì, lábúlé kan lẹ́yìn Ìlẹ̀ṣà, ló mú ká kọ ìwé yìí. Ikọ́ ti ń bá a fínra láti kékeré. Wọ́n fún un ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ fún oṣù mẹ́fà gbáko, ikọ́ kò lọ. Ó ń jẹun bí àgbà, síbẹ̀ ó rù, ìgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń lọ́ràá. Ìyá rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé bí òun bá fẹnu kò ó níwájú orí, iyọ̀ lòun ń tọ́ wò. Nígbà tí wọ́n yẹ òógùn rẹ̀ wò, kílóráìdì, ìyẹn apá kan lára iyọ̀, tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ mílímóòlù 94 nínú lítà kan. Lára ọmọ tí ara rẹ̀ dá, kì í sábà tó 30. Bó bá ti tó 60, ó fi hàn pé àrùn sísítíìkì fàíbúrósíìsì ni, àrùn àbínibí tó ń mú kí òógùn níyọ̀ jù, tó sì ń mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ki nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹni tó ka èsì fún wọn ní iyọ̀ pọ̀ nínú òógùn ọmọ. Ohun tí àwọn ará ilé gbọ́ ni pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọmọ. Wọ́n bá yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sá láfún lórí àpáta, oòrùn mú, ó bì, ó dákú. Omi lásán ni wọ́n ń rọ sí i lẹ́nu.

Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí títí ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, mi ò sì ní dákẹ́: iyọ̀ tó ń jáde ti ṣòfò. Àfikún ló yẹ ọmọ yẹn.

Ilẹ̀kùn tóóró kan wà lára sẹ́ẹ̀lì wa tí kílóráìdì ń gbà kọjá. Òógùn níyọ̀ gan-an níbi tó ti ń sun. Bó ṣe ń gòkè bọ̀ wá sójú awọ, ilẹ̀kùn yìí ló ń gba iyọ̀ náà padà sínú ara. Bó bá ti bàjẹ́ láti inú oyún, iyọ̀ á bá òógùn jáde, á sì gbẹ funfun síwájú orí.

Nínú ẹ̀dọ̀fóró, iṣẹ́ rẹ̀ yí padà. Ńṣe ló ń tú kílóráìdì síta sójú ọ̀nà èémí, omi á sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tó ń fi iyọ̀ pa ẹja mọ̀ pé ibi tí iyọ̀ bá wà lomi ń lọ. Omi díẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣàn, tí àwọn irun wẹ́wẹ́ ọ̀nà èémí fi ń gbá a jáde. Bí ilẹ̀kùn ò bá ṣí, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dà bí ọbẹ̀ ilá tí wọ́n gbàgbé sórí iná: á ki, á lẹ̀ mọ́ra, kòkòrò á fibẹ̀ ṣelé. Omi mímu nìkan kò lè rọ̀ ọ́.

Òùngbẹ àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí àwa bá làágùn, omi tá a pàdánù pọ̀ ju iyọ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ á níyọ̀ sí i, òùngbẹ á gbẹ wá. Ní tiwọn, omi àti iyọ̀ ló jọ ń jáde, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í níyọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà òùngbẹ kì í tètè gbẹ wọ́n. Ẹ má dúró dìgbà tó bá béèrè omi.

Ọmọ tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó ní àrùn yìí nìkan ni ìwọ̀n yìí wà fún. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, iyọ̀ ìdámẹ́jọ ṣíbí tíì lóòjọ́, ẹ pín in díẹ̀díẹ̀ sínú wàrà rẹ̀. Láti oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ìdámẹ́rin ṣíbí. Ọmọ tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí oúnjẹ rẹ̀ níyọ̀ dáadáa, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Dókítà rẹ̀ ló máa sọ bó ṣe máa tó. Bó bá ń bì tàbí tó rẹ̀ ẹ́ nínú oòrùn, ẹ da omi inú ọ̀rá méjì tó jẹ́ sẹ́ńtílítà 50 lọ́kọ̀ọ̀kan pọ̀, ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí sí i, gbogbo rẹ̀ kó tẹ́jú. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ikọ́ ńkọ́? Ẹ má ra oògùn tó ń pa ikọ́ fún un, torí ikọ́ yẹn ló ń gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Iyọ̀ náà ni wọ́n tún ń lò níbẹ̀: omi iyọ̀ ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, mílílítà mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tí ọmọ máa fi ẹ̀rọ fà símú, kí omi lè padà sójú ọ̀nà èémí. Wọ́n máa ń fún un ní oògùn tó ń la àyà kó tó fà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àyà lè há mọ́ ọn. Ilé ìwòsàn ló ń pèsè omi iyọ̀ yìí láìsí kòkòrò nínú rẹ̀. Ẹ má po tiyín ní ìdáná.