Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú kíka ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sínú báńdì

Má ṣe sọ pé dáyámọ́ńdì kì í gbé iná torí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ dúró sójú kan. Wọn kò dúró. Ọ̀nà tí àwọn átọ́ọ̀mù gbà tò léra wọn déédéé mú kí ipele agbára wọn para pọ̀ di báńdì, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì tàn ká gbogbo kírísítáàlì. Ṣùgbọ́n nínú báńdì tó kún, ipò kọ̀ọ̀kan tí a fi nọ́ńbà ìgbì rẹ̀, k, sàmì sí, tó sì ń sáré sọ́tùn-ún, ní -k tó ń sáré sósì, eré wọn sì dọ́gba. Bí o bá so bátìrì mọ́ ọn, gbogbo k á sún díẹ̀. Bí átọ́ọ̀mù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá fi a jìnnà síra, èyí tó bá kọjá π/a á gba -π/a wọlé padà, torí ipò kan náà ni wọ́n. Báńdì ṣì kún, àròpọ̀ eré ṣì jẹ́ òdo. Báńdì tó ṣẹ́ àyè kù ló lè fì sápá kan.

Orí kíkà ni àṣìṣe ti ń bọ́ sọ́wọ́ jù. Yàrá tó kéré jù ni ègé tó kéré jù lọ tí a lè tò léra léraléra kó di odindi kírísítáàlì. Bí kírísítáàlì bá ní N irú yàrá bẹ́ẹ̀, báńdì kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 2N. Wo sódíọ̀mù. Bí wọ́n ṣe máa ń yà á ni kúbù tí átọ́ọ̀mù wà ní igun rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, tí ọ̀kan sì wà láàárín. Kúbù 8 ló ń pín igun kan, nítorí náà 8 × 1/8 + 1 = átọ́ọ̀mù 2. Átọ́ọ̀mù sódíọ̀mù kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù òde 1 wá. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 2 nìyẹn, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní báńdì kún, sódíọ̀mù kò lè gbé iná. Kúbù yẹn kọ́ ni yàrá tó kéré jù. Ohun tí átọ́ọ̀mù àárín rí yí ara rẹ̀ ká kò yàtọ̀ rárá sí ohun tí ti igun rí, nítorí náà yàrá gidi jẹ́ ìdajì kúbù: átọ́ọ̀mù 1, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 1, báńdì dé ìdajì.

Má wá fi èyí gé yàrá dáyámọ́ńdì sí méjì o. Átọ́ọ̀mù méjèèjì inú rẹ̀ kò rí ohun kan náà: apá mẹ́rin tí ọ̀kan fi di àwọn aládùúgbò rẹ̀ mú kọjú sí òdìkejì ti ẹnìkejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan mú 4 wá, ó di 8, báńdì mẹ́rin kún tán. Àlàfo agbára tó wà láàárín wọn àti báńdì òfìfo tó wà lókè tó nǹkan bí 5.5 eV, agbára tí ooru inú ilé wa lè fúnni kò ju nǹkan bí 0.025 eV. Sílíkọ́ọ̀nù tò bákan náà, àmọ́ 1.1 eV ni tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fi ń rí i fò.

Má sì rí 2 kí o parí èrò. Kálísíọ̀mù ní átọ́ọ̀mù 1 àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 2 nínú yàrá rẹ̀, síbẹ̀ ó ń gbé iná dáadáa. Òkè báńdì ìsàlẹ̀ ní ìhà kan ga ju ìsàlẹ̀ báńdì òkè ní ìhà mìíràn, ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ṣàn bọ́ síbẹ̀, méjèèjì kò sì kún. Ẹni tó ya báńdì ní ìhà k kan ṣoṣo kò ní rí i.

Kíkà yìí pàápàá ní ibi tó mọ. Kóbáltì mú 9 wá, ọ́síjìn mú 6, àròpọ̀ wọn nínú CoO jẹ́ 15. 15 kò ṣe é pín sí méjì-méjì, báńdì kan á dé ìdajì péré. Bí a bá tẹ̀ lé òfin, ó yẹ kó gbé iná. Kò gbé e. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ibẹ̀ ń ti ara wọn gan-an débi pé ọ̀kan kò lè fò lọ kún àwọn tó ti wà lórí kóbáltì mìíràn tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, kíkà tí a ṣe yìí kò sì ka títì yẹn sí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, De Boer àti Verwey, ti tọ́ka sí irú ọ́kísáìdì bẹ́ẹ̀ láti 1937.