Ẹ má tún fáàfù ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbi dídá omi tútù dọ́gba

Ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́rin kan ni, ní Bódìjà n'Íbàdàn. Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin wà lórí páìpù kan náà, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé kí ìkọ̀ọ̀kan máa gba 0.5 lítà omi ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí a ṣí gbogbo fáàfù sílẹ̀ gbayawu, èyí tó sún mọ́ pọ́ńpù jù ń gba 0.8, èkejì 0.65, ẹ̀kẹta 0.5, èyí tó jìnnà jù 0.35. Ọmọ iṣẹ́ mi sáré lọ sídìí àkọ́kọ́, ó dín in kù sí 0.5 gẹ́lẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó bọ́ sí èkejì.

Àṣìṣe náà nìyẹn. Bí ẹ bá dí omi lọ́nà kan, ṣe ló máa ya sọ́dọ̀ àwọn tó kù. Nígbà tó ṣe tán lórí ẹ̀kẹta, mo ní kó padà lọ wọn àkọ́kọ́. Ó ti gòkè padà sí 0.58, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ má lé 0.5 kiri. Ẹ fi 0.5 yẹn ṣe 100, kí ẹ wo ìdá tí ìkọ̀ọ̀kan ń gbà nínú rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Ẹ̀kẹrin ń gba 70, òun ló kéré jù, nítorí náà fáàfù tirẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò ní ṣíṣí. (Ẹ kọ́kọ́ fọ asẹ́ rẹ̀ o, ìdọ̀tí inú rẹ̀ náà máa ń dín omi kù bíi ti ọ̀nà jíjìn.) A ṣí gbogbo fáàfù padà, a wá dín ẹ̀kẹta kù títí òun àti ẹ̀kẹrin fi pàdé ní 82. A dín èkejì kù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní 97. A dín àkọ́kọ́ kù, gbogbo wọn dúró sí 112. Látìgbà yẹn wọ́n jọ ń lọ sókè, wọ́n jọ ń lọ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi fáàfù ńlá ẹnu pọ́ńpù dín 12 tó lé yẹn kù. Bí pọ́ńpù bá ní ẹ̀rọ tó ń darí eré rẹ̀, ẹ dín eré kù: a gbé e láti 50 Hz sí 45 Hz, gbogbo rẹ̀ sì sún mọ́ 100. Iná tí pọ́ńpù ń jẹ á dín kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹni tó ń ra dísù fún jẹnẹrétọ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n, fáàfù tí tẹmosítáàtì ń darí gbọ́dọ̀ ṣí pátápátá. Bí yàrá kan bá tutù tán tí tirẹ̀ sì pa ara rẹ̀ dé, omi rẹ̀ á ya sọ́dọ̀ àwọn yòókù, ẹ ó sì rò pé wọ́n ń gbà jù.

Ìwé ìròyìn iṣẹ́ ló kù. Ẹ má kọ 0.5 sí iwájú gbogbo wọn. Ẹ kọ ohun tí ẹ wọ̀n kẹ́yìn, lẹ́yìn tí eré pọ́ńpù ti yí padà. Ẹ kọ Hz náà, àti iye ìgbà tí ẹ yí ọwọ́ fáàfù kọ̀ọ̀kan. Nílé mìíràn tí mo dé, ẹni tó wá tún páìpù ṣe ti fáàfù kan pa, ó sì fẹ́ dá a padà síbi tó wà. Ó ṣí ìwé wa. Iye omi wà níbẹ̀, iye yíyí kò sí. Ọjọ́ kejì la tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀kẹrin.