Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́fà tí mo bá àwọn aránṣọ tuntun sọ ní Kétu

Akẹ́kọ̀ọ́ méje ló gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ wa ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án. Èmi tí mo kọ́ wọn ni wọ́n ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ojú ewé mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo kà á sókè fún ìyàwó mi lálẹ́, òun ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá! Ìkíni nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, orúkọ ni mo fi kí àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fo ìyá àgbà kan tó yá wa ní máṣíìnì fún oṣù mẹ́ta. Iwájú mi gan-an ni ìyá jókòó sí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kí àwọn àgbà ìlú lápapọ̀, mo kí àwọn ọ̀gá aránṣọ, mo kí àwọn òbí, mo wá dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo: ìyá yẹn. Ó dìde, ó gbọ́wọ́ sókè.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìwé ẹ̀rí kan sókè. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ kò sì lè kà á. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ohun tí ìwé yìí ń sọ ni pé ọmọ yín lè wọn èèyàn, ó lè gé bùbá, síkẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò àti kakí ọmọ iléèwé, kí ó sì rán wọn parí láìsí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sọ pé ó lè rán kóòtù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé aṣọ kóòtù wá, ẹ má ṣe bá a gbà á." Àwọn ọ̀gá aránṣọ mi orí, torí ibẹ̀ gan-an ni aṣọ oníbàárà ti ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ti kakí. Bí iléèwé bá ti fẹ́ wọlé, kakí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọn yóò rí, kakí olówùú sì máa ń sún kì bí omi bá kàn án. Mo ti sọ ọ́ fún wọn ní kíláàsì títí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn òbí fojú rí i. Mo kọ́kọ́ gé ègé méjì, ogún sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, mo rẹ ọ̀kan sómi. Ó dín sẹ̀ǹtímítà kan péré. Ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn kò ní rí i. Mo wá gé méjì mìíràn láti ara aṣọ kan náà, ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí apá tó jẹ́ òró, mo rẹ ọ̀kan mọ́jú, mo sá a, mo lọ̀ ọ́. Òró rẹ̀ di 57. Ìbú rẹ̀ di 59, torí òwú tí wọ́n ta gígùn lórí òfì ni wọ́n fà le jù, òun náà ló ń padà sẹ́yìn jù.

Mo fi ègé tó sún kì lé èyí tí kò kan omi, mo gbé méjèèjì dúró síwájú bọ́ọ̀dù dúdú. Mo ní, "Mẹ́ta nínú ọgọ́ta, márùn-ún ni nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣòkòtò tí ẹ gé sí ọgọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà yóò di márùndínlọ́gọ́rùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Ọmọ náà kò tíì ga, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jáde. Iyán á sì di àtúngún fún yín." Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn ìwé ètò.

Mo ní kí wọ́n máa rẹ kakí kí wọ́n tó gé e, mo sì fi kún un pé kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń rẹ. Aṣọ òkè, àti èyí tí oníbàárà bá ní òun kò ní fi omi fọ̀, ẹ má kàn án. Èyí tí a fi pọ́líẹ́sítà nìkan hun kì í sábà sún kì. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ gé ègé kékeré láti etí rẹ̀, kí ẹ dán an wò kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ gan-an.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló gbà mí. Bí a ṣe ń kó àga, ìyá ọ̀kan nínú wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tú ìdì kan: kakí mítà mẹ́ta, ti àbúrò ọmọ náà.

"Ọ̀gá, ṣé kí n ti rẹ ẹ́ kí n tó gbé e fún un?"

Mo ní, "Ẹ má rẹ ẹ́, ìyá. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́ ní gbígbẹ."