Bí mo ṣe tún àkọlé ímeèlì ínfọ́ìsì mi kọ

Àkọlé tí mo kọ́kọ́ lò kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: «Ínfọ́ìsì». Ìkíni sì gba ìlà mẹ́ta kí iye owó tó jáde. Ẹni tó jókòó ní ẹ̀ka akáńtì ilé-iṣẹ́ ńlá kì í sábà mọ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi. Nọ́ńbà PO ló ń wá, ìyẹn nọ́ńbà ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ra iṣẹ́ náà. Òun ni yóò tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láti fi ínfọ́ìsì wé ìwé àṣẹ náà, àti ẹ̀rí pé iṣẹ́ ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bí kò bá rí i, á gbé ímeèlì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí yóò fi rí ẹni bi.

Àkọlé tuntun rèé:

```
INV-0147 | PO 4500018823 | USD 1,942.50 | 2025-07-02
```

Nọ́ńbà méjèèjì ló ṣíwájú, torí fóònù máa ń gé àkọlé gígùn, ohun tó wà lẹ́yìn ló sì máa ń ṣòfò. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni ọjọ́ tó yẹ kí owó wọlé: ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn 2025-06-02 tó wà lórí ínfọ́ìsì. Mo fi ọdún ṣíwájú, nítorí 02/07 lè jẹ́ ọjọ́ kejì oṣù keje lójú ẹnìkan, kó jẹ́ ọjọ́ keje oṣù kejì lójú ẹlòmíì. Mi ò kọ «kíákíá» sí i rárá. Ọjọ́ ìsanwó ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ímeèlì náà wá di báyìí:

«Ẹ káàárọ̀ o. Ínfọ́ìsì INV-0147 ló wà nínú PDF tí mo so mọ́ ímeèlì yìí. Iṣẹ́ ìtumọ̀ tí a parí ní oṣù karùn-ún ni, lábẹ́ PO 4500018823, ìlà 10. Gbogbo owó rẹ̀, pẹ̀lú owó orí, jẹ́ USD 1,942.50.»

Nọ́ńbà ìlà yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí PO kan lè ní iṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin nínú, ìlà sì ni wọ́n fi ń mọ èyí tí owó náà wà fún.

Nígbà tí mo gbé PDF sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé ni mo rí àṣìṣe kan. USD 1,850.00 ni mo ti kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, ìyẹn owó iṣẹ́ nìkan, láìka owó orí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìsàlẹ̀ PDF sì ń sọ 1,942.50. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ tó láti mú kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n kọ̀wé béèrè èyí tó jẹ́ òótọ́. Iye tó kẹ́yìn lórí ínfọ́ìsì ló yẹ kó wà nínú àkọlé.

Tí owó ínfọ́ìsì bá ju èyí tó kù lórí PO lọ, àkọlé kò lè tún un ṣe. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fúnni ni kó kọ́kọ́ fi kún PO. Mo yẹ èyí wò, mo sọ PDF náà ní `INV-0147_PO4500018823.pdf`, mo sì fi í ránṣẹ́ ní ímeèlì tuntun, kì í ṣe ìdáhùn sí ti oṣù tó kọjá, kó má baà wọ abẹ́ ínfọ́ìsì tí wọ́n ti san.