Lẹ́tà tí mo fi kọ̀ láti jẹ́rìí sí òpó àjà kejì

Ilé alájà mẹ́ta ni, l'Ékòó. Onílé ló gbà mí láti máa yẹ iṣẹ́ wò fún òun, agbaṣẹ́ṣe ló ń kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n rẹ́ ògiri tán, agbaṣẹ́ṣe kọ̀wé sí mi pé kí n buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí pé gbogbo ibi tó gbé ilé náà dúró ló pé, torí pé báǹkì onílé kò ní yọ owó tó kù sílẹ̀ láìrí ìwé ọ̀hún. Fáìlì àyẹ̀wò tó fi tẹ̀lé e nípọn dáadáa. Èmi kì í wo bí fáìlì ṣe nípọn tó. Déètì ni mo máa ń kọ́kọ́ kà.

Mo tẹ́ ìwé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì: dáyárì sáìtì, níbi tí wọ́n ń kọ ọjọ́ tí wọ́n da kọnkéré àti ibi tí wọ́n dà á sí, àti èsì tó ti láàbù wá. Ọjọ́kọ́jọ́ tí wọ́n bá da kọnkéré, ó yẹ kí wọ́n bù nínú rẹ̀ sínú mọ́ọ̀dù onírin tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 150. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń dà á, wọ́n á fi irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, ní ìgbà 35, wọ́n á kọ déètì àti ibi tó ti wá sí i lára, wọ́n á sì rì í sínú omi. Kúúbù ni a ń pe èyí tó bá le tán. Láàbù á fi ẹ̀rọ fọ́ díẹ̀ nínú wọn ní ọjọ́ 7, á fọ́ ìyókù ní ọjọ́ 28. Agbára kọnkéré ilé yìí gbọ́dọ̀ tó 25 N/mm² ní ọjọ́ 28. Ojú kúúbù kan jẹ́ 150 × 150, ìyẹn 22,500 mm², nítorí náà kò gbọdọ̀ fọ́ kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́ dé 562.5 kN.

Mo ń fi bírò fa ìlà láti ọjọ́ dídà dé èsì rẹ̀. Ìpìlẹ̀ pé, àjà kìíní pé, àyàfi ìwé kan tí wọ́n kọ “ọjọ́ 28” sí lórí. Wọ́n da kọnkéré yẹn ní 3 oṣù Kejì, wọ́n sì fọ́ kúúbù ní 16 oṣù Kẹta. Ẹ kà á: ọjọ́ 41 ni. Kọnkéré ṣì ń le sí i lẹ́yìn ọjọ́ 28, nítorí náà 25.5 tó wà níbẹ̀ kò lè sọ bóyá ó pé 25 nígbà tó yẹ kó pé. Èyí kò kó mi lọ́kàn sókè púpọ̀.

Òpó àjà kejì ló gba oorun lójú mi. Dáyárì ní ọjọ́ méjì ni wọ́n fi dà wọ́n, 12 àti 14 oṣù Kẹta. Ti ọjọ́ 12 ní èsì. Ti ọjọ́ 14 kò ní nǹkan kan, kò sí ọjọ́ 7, kò sí ọjọ́ 28. Ohun tí ọmọ tó ń kọ dáyárì kọ sí ọjọ́ náà rèé: “Òjò dé. A dúró. A tún bẹ̀rẹ̀ ní aago 3.” Dẹ́kìnnì tó wà lórí òpó wọ̀nyẹn ní èsì ọjọ́ 7 nìkan, bíi 17 sí 18. Ìyẹn kò burú, torí pé ní ọjọ́ 7 kọnkéré máa ń ti ní bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀. Àmọ́ àmì rere kì í ṣe ẹ̀rí.

Agbaṣẹ́ṣe pè mí. “Ẹnjiníà, míkísà kan náà ni, sìmẹ́ńtì kan náà ni. Bí ti ọjọ́ 12 bá dáa, kí ló máa ṣe ti ọjọ́ 14?” Mo ní, “Ọ̀gá, òjò ni.” Agbada ni wọ́n fi ń wọn yanrìn àti òkúta lórí sáìtì yẹn. Yanrìn tí òjò pa ti gbé omi pamọ́, bí lébírà bá sì tún da iye omi tó ń dà tẹ́lẹ̀ sí i, kọnkéré á rọ̀, á dùn ún dà, kò sì ní lágbára tó. Ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ sọnù gan-an ni ọjọ́ tí mo nílò ìwé rẹ̀ jù. Ó ní ká fi hámà tí wọ́n ń gbá mọ́ kọnkéré yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ara kọnkéré ṣe le nìkan ni hámà yẹn ń sọ, ara sì máa ń le ju inú lọ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ó lè fi ibi tó yẹ kí a ti gbẹ́ ègé kọnkéré jáde lọ fọ́ ní láàbù hàn wá, kò lè dípò gbígbẹ́.

Mo wá jókòó kọ lẹ́tà. Ohun tí mo ṣọ́ra fún jù ni pé n kò gbọdọ̀ sọ pé kọnkéré náà kò dáa, torí n kò mọ̀. Ara rẹ̀ kà báyìí:

“N kò lè fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tí ẹ bèèrè fún. Kò sí èsì kúúbù kankan fún àwọn òpó àjà kejì tí a dà ní 14 oṣù Kẹta, kò sì sí èsì ọjọ́ 28 fún dẹ́kìnnì tó wà lórí wọn. Lẹ́tà yìí kò sọ pé iṣẹ́ náà kù díẹ̀ káàtó; ó sọ pé ẹ̀rí tí mo lè fi jẹ́rìí sí i kò sí. Bí ojúlówó èsì bá wà ní láàbù, ẹ fi ránṣẹ́. Bí kò bá sí, kí láàbù tí agbaṣẹ́ṣe kò yàn gbẹ́ ègé kọnkéré mẹ́ta níbi kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wá ibi tí irin wà. Títí èsì yóò fi dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé táńkì omi sórí ilé.”

Mo kọ ìwọ̀n tí n óò fi gbà á sínú rẹ̀, kí ó má baà dà bí ẹni pé èsì ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó wá òfin: ìpíndọ́gba èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ tó ìdá 85 nínú 100 ti 25, ìyẹn 21.25, kò sì sí ọ̀kan tó gbọdọ̀ wà lábẹ́ ìdá 75, ìyẹn 18.75.

Onílé ni mo kọ ọ́ sí, mo sì fi ẹ̀dà ṣọwọ́ sí agbaṣẹ́ṣe àti sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso ilé kíkọ́. N kì í jẹ́ kí irú lẹ́tà yìí kù sí ọwọ́ ẹnì kan. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní 1 oṣù Kọkànlá 2021, tó pa èèyàn tó ju 40 lọ, iléeṣẹ́ ẹnjiníà kan ti kọ lẹ́tà ní oṣù Kejì 2020 pé àwọn yọwọ́ nínú iṣẹ́ náà.

Alhaji tó ni ilé pè mí lálẹ́. “Ẹnjiníà, ṣé ilé mi máa wó ni?” Mo ní, “Ẹ má bínú sà, n kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní n kò tíì rí ohun tí màá fi sọ pé kò ní wó.” Ó dákẹ́, ó ní òun á san owó gbígbẹ́, òun á sì yọ ọ́ lára owó agbaṣẹ́ṣe.

Láàbù agbaṣẹ́ṣe kò rí èsì kankan. Àwọn tó wá gbẹ́ ẹ mú ègé kọ̀ọ̀kan lára òpó mẹ́ta, wọ́n sì fi àtìlẹ́yìn igi sábẹ́ dẹ́kìnnì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Dẹ́kìnnì yege láìsí wàhálà. Èsì òpó, lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọ́ di agbára kúúbù, ni 22.4, 17.6 àti 23.9. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 21.3, ó fi irun orí kọjá. Àmọ́ 17.6 kò dé 18.75, òpó yẹn kan náà sì ni dáyárì fi hàn pé wọ́n dà gẹ́lẹ́ lẹ́yìn òjò. A gbẹ́ àwọn òpó tó yí i ká, wọ́n dáa.

Agbaṣẹ́ṣe fi irin àti kọnkéré tuntun di òpó náà yí ká lẹ́yìn tí mo tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Mo dúró lórí sáìtì títí wọ́n fi da èyí tó kẹ́yìn, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ déètì sára kúúbù. Ìwé ẹ̀rí tí mo fún wọn lẹ́yìn ọjọ́ 28 dárúkọ òpó náà lọ́tọ̀, ó sì sọ ohun tí mo gbára lé kí n tó jẹ́rìí sí i.